Ara ọmọ ń sú: ṣé ọṣẹ inú aṣọ ni, àbí nǹkan mìíràn?

Ìyá Àkọ́bí, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ọmọ mi pé ọ̀sẹ̀ méje. Ìlédìí aláṣọ ni mo ń lò fún un pẹ̀lú páńtì rọ́bà, omi kànga ni mo sì fi ń fọ̀ wọ́n. Ọṣẹ lúbúlúbú ni mo fi ń rẹ wọ́n, mo tún ń fi ọṣẹ tí a ń gé pa àwọn ìlédìí náà, mo sì ń da apakòkòrò sí omi tí mo fi ń ṣàn wọ́n. Síbẹ̀, ọrùn ọmọ, abẹ́ abíyá rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ ti pọ́n, kì í sì í sùn dáadáa. Àwọn ìlédìí náà gan-an ti gan. Ìyá ọkọ mi ní ọṣẹ kò tó. Ọ̀rẹ́ mi ní ọṣẹ ti pọ̀ jù. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

---

Alágbàfọ̀

Ẹ kú ewu ọmọ o. Aṣọ ni iṣẹ́ mi, n kò mọ̀ nípa ara ọmọ, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń mú kí aṣọ gan. Omi kànga yín ni. Ọ̀pọ̀ omi kànga kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó. Ẹ ó fi ọṣẹ pa aṣọ, kò ní hó, ẹ ó tún pa á sí i, títí yóò fi hó díẹ̀. Gbogbo ọṣẹ àkọ́kọ́ tí kò hó yẹn, kò lọ síbì kankan. Ó ti dì pọ̀ mọ́ ohun tó wà nínú omi, ó di nǹkan funfun kan tó ń yọ̀, òun lẹ máa ń rí tó lẹ̀ yí etí bàsíà ká. Bó ṣe lẹ̀ mọ́ bàsíà, bẹ́ẹ̀ náà ló lẹ̀ mọ́ fọ́nrán òwú aṣọ yín.

Ẹ fi ọṣẹ tí a ń gé sílẹ̀ bó bá jẹ́ omi kànga lẹ ní. Ọṣẹ lúbúlúbú kì í dì bẹ́ẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, tí ẹ gbe omi, ẹ lè lo èyí tí a ń gé, yóò hó dáadáa, yóò sì ṣàn kúrò.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá bàsíà tó tóbi jù lọ nílé, ẹ pọn omi kún un dẹ́nu, ẹ da gbogbo aṣọ sí i, kí ẹ ṣàn án lẹ́ẹ̀kan. Omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti tó.

---

Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì

Alágbàfọ̀, ẹ ṣeun. Ohun tí ẹ sọ nípa omi kànga àti ọṣẹ tí a ń gé, òótọ́ pọ́nńbélé ni. Ibi tí ọ̀nà èmi àti yín ti yà ni bàsíà ńlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yẹn. N ó dé ibẹ̀.

Ìyá Àkọ́bí, kí o tó gbọ́ ti ìyá ọkọ tàbí ti ọ̀rẹ́, aṣọ náà ni kí o kọ́kọ́ bi. Mú ìlédìí kan tí o ti fọ̀, tó ti gbẹ, tí o kà sí mímọ́. Wá bọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò sí ọṣẹ lára rẹ̀, fi ìlédìí náà sí i, da omi gbígbóná lé e, omi òjò tàbí omi tí ẹ rà ló dára jù. Má fi ọṣẹ kankan sí i. Fi igi rò ó fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta, kí o wá dúró wò ó. Bí ìfófó bá yọ, tí kò sì parẹ́, tàbí tí omi bá dàrú tó ń yọ̀ lọ́wọ́, ọṣẹ wà nínú aṣọ náà. Ìfófó díẹ̀ tó bẹ́ pòpò tó sì lọ lójú ẹsẹ̀, afẹ́fẹ́ lásán nìyẹn.

Ọ̀nà kejì tún wà tí kò gba omi púpọ̀. Kán omi díẹ̀ sórí ìlédìí gbígbẹ. Ìlédìí tó mọ́ yóò fà á mu kíá. Bí omi náà bá dúró gbirigbiri lórí rẹ̀ bí omi lórí ewé kókò, nǹkan ti bo òwú náà. Irú ìlédìí bẹ́ẹ̀ kì í fa ìtọ̀ mu, ara ọmọ ni ìtọ̀ ń dúró sí.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ṣíṣàn. Mo mọ̀ pé omi kì í pọ̀ ní ọ̀gbẹlẹ̀, nítorí náà n kò ní sọ pé kí o máa da omi nù. Ká ní aṣọ tí o ti fún dáadáa ṣì mu lítà 1 omi ọṣẹ sínú. Tí o bá da omi lítà 9 lé e lẹ́ẹ̀kan bí Alágbàfọ̀ ti wí, gbogbo rẹ̀ di lítà 10. Tí o bá fún un, lítà 1 ló tún kù sínú aṣọ, ìyẹn ni pé ìdá kan nínú ìdá 10 ọṣẹ àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀.

Wàyí o, mú omi lítà 9 kan náà, pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Da lítà 3 lé aṣọ, rò ó, fún un, da omi yẹn nù: ìdá kan nínú 4 ló kù. Da lítà 3 kejì lé e, fún un: ìdá kan nínú 16. Lítà 3 kẹta: ìdá kan nínú 64. Omi kò lé, kò dín, ṣùgbọ́n ọṣẹ tó kù kò tó ìdá kan nínú mẹ́fà ohun tí bàsíà ńlá fi sílẹ̀. Fífún tí o ń fún un láàárín ló gbé iṣẹ́ náà. Bí o kò bá fún un gbẹ kí o tó bu omi tuntun, o kàn ń kó ọṣẹ láti bàsíà kan sí òmíràn ni.

Ní ti bí ọṣẹ ṣe yẹ kó pọ̀ tó: síbí ìjẹun kan tí kò ga ju etí lọ, nínú omi lítà 10, ti tó fún aṣọ ọmọ tí kò ní ìgbẹ́ lára. Fún ìlédìí, síbí méjì. Ìyá ọkọ rẹ ń wo ìfófó láti mọ̀ bóyá ọṣẹ tó, ìfófó kì í sì í ṣe ìwọ̀n ìmọ́tótó.

Apakòkòrò tí o ń dà sí omi ìkẹyìn ni mo fura sí jù nínú ọ̀rọ̀ ọrùn àti abíyá yẹn. Ohun tí a bá dà sí omi ìkẹyìn kò ní ibi tí yóò gbà jáde mọ́. Inú aṣọ ló gbẹ sí. Òógùn ọmọ a tún un tú, a sì máa ta á lára níbi tí aṣọ ti ń ha á: ọrùn, abẹ́ abíyá, ìbàdí. Dá a dúró láti òní.

Ìdí ọmọ lè jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ń ba ìdí ọmọ jẹ́ ju ọṣẹ lọ, páńtì rọ́bà sì ń há ooru mọ́ ọn. Wò ó dáadáa fún mi. Ṣé orí ìdí àti iwájú itan ló pọ́n, tí inú ìṣẹ́po itan mọ́? Àbí inú ìṣẹ́po gan-an ló pọ́n jù?

---

Bàbá Ìbejì, Èkó

Ẹ kú iṣẹ́ o. Tiwa kì í ṣe ara sísú, àbààwọ́n ni. Oṣù mẹ́ta ni àwọn ìbejì wa, ìgbẹ́ wọn ń dá àwọ̀ pupa rúsúrúsú sára ìlédìí, kì í sì í lọ. Bí mo ṣe ń bọ́ ọ kúrò ni mo ń da omi híhó lé e lórí kí kòkòrò lè kú, ṣe ló tún ń ràn sí i. Mo fẹ́ máa da bílíìṣì lé e ní tààrà. Pámpásì ti wọ́n kọjá ohun tí a lè máa rà fún ọmọ méjì, a ò lè fi ìlédìí sílẹ̀. Ṣé bílíìṣì tààrà dára?

---

Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì

Bàbá Ìbejì, omi híhó yẹn ló ń se àbààwọ́n náà mọ́ aṣọ. Omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣan ìgbẹ́ kúrò, kí ẹ tó fi ọṣẹ kàn án rárá. Omi gbígbóná ń bọ̀ lẹ́yìn. Tí ẹ bá ti fọ̀ ọ́ tán, ẹ sá a sí oòrùn gangan nígbà tó ṣì tutù, kí ojú àbààwọ́n kọjú sí oòrùn. Ìgbẹ́ ọmọ tó ń mu ọmú nìkan máa ń ṣá lábẹ́ oòrùn lọ́nà tó máa yà yín lẹ́nu. Àbààwọ́n tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn èyí, ẹ fi í sílẹ̀, kò ṣe ọmọ ní nǹkan kan.

Ẹ má da bílíìṣì lé ìlédìí tó ní ìtọ̀. Ohun tó wà nínú ìtọ̀ àti bílíìṣì máa ń pàdé, wọn a rú afẹ́fẹ́ kan tó ń ta imú, tó sì ń há ọ̀nà ọ̀fun. Inú ilé ìwẹ̀ kékeré tí fèrèsé rẹ̀ tì, ewu ńlá ni. Bákan náà, ẹ má da bílíìṣì pọ̀ mọ́ apakòkòrò tàbí mọ́ ohun kíkan bíi fínígà láé.

---

Àńtí Pẹ́kámù

Mo rò pé Nàìjíríà nìkan ni ọ̀rọ̀ omi yìí wà tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí mo rí nǹkan funfun tó ń dì sínú kẹ́tù mi. Omi Lọ́ńdọ̀nù náà kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó bọ̀rọ̀. Àwa ń lo ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ohun tí mo ń ṣe rèé: ìlédìí lọ́tọ̀, ìwọ̀n ooru 60, mi ò kún ẹ̀rọ ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ kí aṣọ lè ráyè yí, mo sì ń tẹ bọ́tìnì tó ń fi ṣíṣàn kan kún un. Mi ò lo omi olóòórùn dídùn tó ń mú aṣọ rọ̀. Ó ń mú aṣọ àgbà rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nǹkan tó ń yọ̀ ló fi ń bo òwú, ìlédìí kì í sì í fa ìtọ̀ mu mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, Agbẹ̀bí, níbí wọ́n ń jà lórí ọṣẹ tó ní àwọn èròjà tó ń jẹ àbààwọ́n àti èyí tí kò ní in. Àwọn kan ní ọmọ kò gbọdọ̀ wọ aṣọ tí a fi èkíní fọ̀. Kí lẹ rí sí i?

---

Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì

Àńtí, tí a bá ṣàn án kúrò dáadáa, n kò tíì rí ọmọ tí mo lè sọ pé èyí tó ní èròjà yẹn ló ṣe é. Òórùn dídùn ni mo máa ń kọ́kọ́ yọ, nítorí òun ló ń mú ara ọ̀pọ̀ ọmọ bínú. Ṣùgbọ́n ọmọ tí èkísímà wà nínú ìdílé wọn, bí ìyá rẹ̀ bá sọ fún mi pé ọṣẹ báyìí kò bá a lára mu, n kì í bá a jiyàn.

---

Ìyá Àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń kàwé lé aṣọ ọmọ lórí. Ọmọ mẹ́jọ ni mo bí, gbogbo wọn ló wà. Ìyá Àkọ́bí, gbọ́ o. Lákọ̀ọ́kọ́, aṣọ tí a bá ti sá, kí a fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ nínú àti lóde, àní títí dé ìdè okùn rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, má sá aṣọ ọmọ sórí koríko. Lẹ́ẹ̀kẹta, kí o fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ rẹ̀ nínú àpótí, kí aáyán má bàa jẹ ẹ́. Bí àwa ṣe ṣe é nìyẹn, ara ọmọ kan kò sú.

---

Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì

Ìyá wa, mo kúnlẹ̀ kí yín. Èkíní àti èkejì, ìmọ̀ ni, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí mú un. Eṣinṣin kan wà nílẹ̀ wa tó ń yé sórí ilẹ̀ oníyanrìn àti sára aṣọ tútù, pàápàá èyí tí òórùn ìtọ̀ tàbí òógùn kò kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Ẹyin náà á pa láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìdin kékeré tí ojú kì í tètè rí á sì dúró sínú aṣọ de ara tó gbóná. Tó bá kan awọ ọmọ, á wọlé, ibẹ̀ á wú bí eéwo, ihò kékeré kan á sì wà lórí rẹ̀ tí ìdin fi ń mí. Aṣọ tí a sá sórí okùn níbi tí oòrùn ti ń pa á, tí a sì lọ̀ gbóná nínú àti lóde, ìdin kò ní yè nínú rẹ̀. Ẹ fi áyọ́ọ̀nù tẹ ojú rírán àti ìdè, ibẹ̀ ló ń sá pamọ́ sí.

Ẹ̀kẹta, ti káńfọ̀, Ìyá wa, ẹ dárí jì mí, n kò lè fara mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Nínú àwọn ọmọkùnrin Yorùbá, tí ẹ bá kó márùn-ún jọ, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lójú. Tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń fa òórùn káńfọ̀ símú, tàbí tó bá ń gba awọ rẹ̀ wọlé láti ara aṣọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí fọ́. Ojú rẹ̀ á pọ́n yẹ́ẹ́, ìtọ̀ rẹ̀ á dúdú, kò ní fẹ́ mu ọmú. Ibà pọ́njú tó bá le bẹ́ẹ̀ lè wọ ọpọlọ ọmọ ìkókó, kó sì fi í sílẹ̀ pẹ̀lú àbùkù títí ayé, tí kò bá tilẹ̀ gbẹ̀mí rẹ̀. Mo ti gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Aṣọ tí wọ́n fi wé e ń rùn káńfọ̀.

Àwọn ọmọ yín mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ní ẹ̀jẹ̀ tó lè gbà á, mo dúpẹ́ fún yín. A ò mọ ti ọmọ Ìyá Àkọ́bí. Àpótí tó ní ìdérí líle, tí a nù gbẹ, kò nílò káńfọ̀.

---

Ìyá Àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde

Mo gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tó sọ ti ẹ̀jẹ̀ yìí fún wa nígbà náà. Aṣọ òkè tèmi á ṣì máa jẹ káńfọ̀ tirẹ̀, ọmọ kan kò wọ̀ ọ́. Aṣọ àwọn ọmọ-ọmọ mi tí mo kó pamọ́ sínú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n wọn wọ̀ ọ́, àbúrò ń bọ̀.

---

Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì

Ìyá wa, ẹ kó wọn jáde lónìí, ẹ má dúró de ìgbà tí wọ́n bá bí i. Ẹ fọ̀ wọ́n pẹ̀lú omi gbígbóná, ẹ sá wọn síta sí afẹ́fẹ́ àti oòrùn fún ọjọ́ púpọ̀, ẹ tún wọn fọ̀. Tí imú bá ṣì ń gbọ́ káńfọ̀ díẹ̀, wọn kò tíì tó fún ọmọ ìkókó. Èyí tí òórùn rẹ̀ kò bá lọ rárá, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ sílẹ̀.

---

Ìyá Àkọ́bí, Ìbàdàn

Ẹ̀yin àgbà, mo dé o. Mo ti ṣe ìdánwò náà. Mo ra omi, mo gbé e kaná, mo da á lé ìlédìí mẹ́ta tí mo kà sí mímọ́. Ìfófó bo ojú omi pátápátá, omi sì funfun. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo rántí pé ara ọmọ ni gbogbo rẹ̀ ń wà.

Bí Agbẹ̀bí ti sọ, mo fi ọṣẹ tí a ń gé sílẹ̀, mo dá apakòkòrò dúró. Ọkọ mi bá mi gbé gbogbo ìlédìí kaná nínú ìkòkò ńlá láìfi ọṣẹ sí i, a da omi yẹn nù, a tún un ṣe, títí ìfófó fi tán. Mo wá ń fi síbí méjì fọ̀, mo ń ṣàn án ní ìgbà mẹ́ta pẹ̀lú omi díẹ̀díẹ̀, mo ń fún un kí n tó bu òmíràn. Ìlédìí ti rọ̀. Ọrùn rẹ̀ àti abíyá rẹ̀ ti ń padà sí àwọ̀ wọn.

Ìdí ni kò yí padà. Mo wò ó bí ẹ ti ní kí n wò ó. Inú ìṣẹ́po itan gan-an ló pọ́n jù, ó pupa fòò, àwọn ìléròrò kéékèèké sì tò yí etí rẹ̀ ká. Ìlédìí òwúrọ̀ sì ń rùn débi pé ojú ń ta mí tí mo bá ń tú u.

---

Alágbàfọ̀

Òórùn tó ń ta ojú yẹn, ọṣẹ tó kù ló fà á. Ẹ tún un sè sí i.

---

Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì

Alágbàfọ̀, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lápá kan, torí ìlédìí tí ọṣẹ wà nínú rẹ̀ kì í mọ́ dénú. Ṣùgbọ́n Ìyá Àkọ́bí ti dán an wò, ìfófó ti tán. Òórùn yẹn ń wá láti ara kòkòrò tí ojú kò rí tó ń jẹ ìtọ̀ ní gbogbo òru, tó ń sọ ọ́ di nǹkan tó ń ta ojú, tó sì ń bó awọ. Ìyá Àkọ́bí, má jẹ́ kí ìlédìí kan sùn mọ́ ọn lára. Yí i padà nígbà tí o bá jí fún un lọ́mú. Bí o bá tú u, fi omi tútù ṣan ìtọ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀, má jẹ́ kó dúró títí di ọjọ́ ìfọṣọ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní ìdérí.

Ohun tí o ṣàpèjúwe nínú ìṣẹ́po itan, kì í ṣe iṣẹ́ ọṣẹ. Ìtọ̀ àti ọṣẹ máa ń mú ibi tó yọ síta, ibi tí aṣọ ti ń kàn án. Pípupa tó wọ inú ìṣẹ́po, tí ìléròrò sì yí i ká, irú ẹbu funfun tó máa ń wà nínú ẹnu ọmọ ló sábà máa ń ṣe é. Wo inú ẹnu rẹ̀. Bí funfun bá wà níbẹ̀ tí kò nù kúrò, ó ti dájú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbé e lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé tó sún mọ́ ọ, ìpara rẹ̀ wà, má ra èyí tí ẹnikẹ́ni bá kàn júwe fún ọ ní ṣọ́ọ̀bù. Bí ibà bá mú un, tàbí tí awọ bá ń wú tó ń sọ ọyún, má dúró di òwúrọ̀ rárá, torí ọmọ ọ̀sẹ̀ méje ni.

---

Bàbá Ìbejì, Èkó

Tó bá jẹ́ pé kòkòrò ló wà nínú ìlédìí, ṣé ìgbà yìí gan-an kọ́ ló yẹ ká lo bílíìṣì?

---

Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì

Ìgbà yìí ni, Bàbá Ìbejì, pẹ̀lú ìwọ̀n. Bílíìṣì tó wọ́pọ̀ ní ọjà wa, ẹ wo ara ike rẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ 3.5%. Ẹ bu bíi mílílítà 150, ìyẹn ìdá kan nínú márùn-ún igo sẹ́ntílítà 75, sínú omi tútù lítà 10. Ìlédìí gbọ́dọ̀ ti di fífọ̀ àti ṣíṣàn kó tó wọ ibẹ̀, nítorí ìdọ̀tí ń pa agbára bílíìṣì, ìtọ̀ sì ń rú afẹ́fẹ́ tí mo sọ. Ẹ rẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ wá ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ sì fún un láàárín, títí imú kò fi ní gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́. Bí ọmọ bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, tàbí nígbà irú nǹkan tó ń ṣe ọmọ Ìyá Àkọ́bí yìí, mo máa ń ní kí wọ́n ṣe é. Kì í ṣe ojoojúmọ́.

---

Alágbàfọ̀

Níbí ni mo ti takò yín, Agbẹ̀bí. Bílíìṣì ń jẹ òwú. Mo ti rí aṣọ tó ya lọ́wọ́ mi lẹ́yìn tí wọ́n ti rẹ ẹ́ léraléra. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sè é. Tó bá ti hó, kó máa hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ni yóò kù tó ń jẹ́ kòkòrò? Kò sì sí nǹkan tí wọ́n ní láti ṣàn kúrò.

---

Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì

Mo gbà pé sísè dára ju bílíìṣì lọ fún ọmọ tí ara rẹ̀ tètè ń sú, nítorí kò fi nǹkan kan sílẹ̀ sínú aṣọ. Ohun tí mo ń rò ni gáàsì. Ẹ wo ìyá tó ń yí ìlédìí padà tọ̀sán tòru, kí ló máa fi se ọbẹ̀? Àwọn tí mo ń bẹ̀ wò nígbà iṣẹ́ mi, àwọn tó ní igi ìdáná ń sè, àwọn tó ń ra gáàsì ń lo bílíìṣì, n kò sì rí i kí ọmọ apá kan sàn ju ti ìkejì lọ. Ìyá Àkọ́bí, ṣe èyí tí ọwọ́ rẹ bá tó títí ìdí ọmọ yóò fi jinná. Lẹ́yìn ìyẹn, ọṣẹ díẹ̀, ṣíṣàn mẹ́ta, oòrùn àti áyọ́ọ̀nù ti tó.

---

Alágbàfọ̀

N kò tíì gbà lórí ti òwú. Ṣùgbọ́n mo ti dán ìṣirò omi lítà 9 yín wò níbi iṣẹ́, pẹ̀lú aṣọ funfun oníbàárà kan tí ara rẹ̀ máa ń sú. Omi kẹta mọ́ gaara, ju ti bàsíà ńlá lọ. Bẹ́ẹ̀ ni a ó máa ṣe aṣọ ọmọdé láti ìsinsìnyí.

---

Ìyá Àkọ́bí, Ìbàdàn

A ti dé láti ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì wo ẹnu rẹ̀, funfun náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n fún wa ní ìpara ti ìdí àti oògùn tí a ń kán sí ẹnu, wọ́n sì ní kí wọ́n wo orí ọmú mi náà. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ìyá àti bàbá. Mo ṣì ní ìbéèrè kan: páńtì rọ́bà ńkọ́? Ọkọ mi fẹ́ dà á sínú ìkòkò híhó pẹ̀lú ìlédìí.

---

Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì

Ní kó yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Rọ́bà tí a sè á le, á sán, etí rẹ̀ tó sán á sì máa gé itan ọmọ. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ ni, fọ ibi tí rọ́bà ti ká mọ́ra dáadáa torí ibẹ̀ ni ọṣẹ ń sá sí, ṣàn án, yí inú rẹ̀ síta, kí o sì fi í kọ́ sí ibòòji tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Títí ìdí rẹ̀ yóò fi jinná, jẹ́ kó máa sùn lọ́sàn-án láìwọ páńtì náà, kí o tẹ́ ìlédìí méjì sábẹ́ rẹ̀. Aṣọ ìtẹ́lẹ̀ tí ìwọ yóò fọ̀ á pọ̀ sí i, mo mọ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ á dé ìdí rẹ̀.